Iye Owó Aṣọ Di Nọ́ńbà Gbọọrọ: Ohun Tó Ń Da Àtẹ̀jíṣẹ́ Oníṣòwò Rú

Aránṣọ kan béèrè iye owó aṣọ lọ́wọ́ ìyá aláṣọ kan ní ọjà Ayigya, nílùú Kùmásí, lórílẹ̀-èdè Gánà. Àpẹẹrẹ ni a fi àwọn méjèèjì ṣe, ẹ má ṣe wá orúkọ wọn kiri. Ṣùgbọ́n ohun tó dé bá àtẹ̀jíṣẹ́ wọn kì í ṣe àlọ́. Ó ń ṣẹlẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá ti ń kọ èdè tó ní lẹ́tà bíi ɔ, ɛ, ẹ, ọ tàbí ṣ, yálà ní Kùmásí, ní Ìbàdàn tàbí ní Kútọnu.

Èdè Twi ni ìyá náà fi ń tajà fún àwọn ará Àṣáńtì, nítorí náà Twi ló fi dá a lóhùn. Ó tẹ ọ̀rọ̀ péréte sórí fóònù rẹ̀: “Boɔ yɛ GH₵250”, èyí tó túmọ̀ sí pé iye owó rẹ̀ jẹ́ sídì 250. Ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, ó sì gbé fóònù sílẹ̀ láti dá oníbàárà mìíràn lóhùn.

Àmọ́ síìmù aránṣọ náà kò sí nínú fóònù lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sí yunifásítì tó wà nítòsí Ayigya ti fi í sínú módẹ́mù, ìyẹn ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń tì bọ kọ̀ǹpútà kó lè rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò. Orí kọ̀ǹpútà ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà balẹ̀ sí, ohun tí wọ́n sì rí níbẹ̀ nìyí:

```
0042006F025400200079025B00200047004820B5003200350030
```

Ẹ fi ara yín sí ipò ọkùnrin náà. Lásìkò tí gbogbo ènìyàn ń fi fóònù sanwó, tí àwọn jìbìtì sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ wá owó ẹlòmíràn, ta ni kò ní fura? Ọmọ rẹ̀ ní kó má fọwọ́ kan án. Ẹnì kan ládùúgbò ní nọ́ńbà káàdì fóònù ni, òmíràn ní wọ́n ti gba fóònù ìyá náà lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Aránṣọ pè é, ó ní, “Maame, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ránṣẹ́ sí mi yìí?”

“Iye owó aṣọ tí o béèrè ni, ọmọ mi.”

“Mi ò rí iye owó kankan o. Nọ́ńbà gbọọrọ ni mo rí.”

Ìyá yẹ fóònù tirẹ̀ wò, ó sì rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ láìyingin. Ó dá a lójú pé ọkùnrin náà kò fẹ́ ra aṣọ mọ́, pé àwáwí ló ń wá. Ọkùnrin náà ní tirẹ̀ gbà pé ìyá ń fi ohun kan pamọ́. Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́. Ohun tó wà lójú fóònù ẹni tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ni ohun tó tẹ̀, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ohun tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìjà orí àtẹ̀jíṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí pé ẹni tó bá fi fóònù ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí kò tíì mú ẹ̀rí kankan wá.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà? Fóònù kì í fi lẹ́tà ránṣẹ́. Nọ́ńbà ló ń fi ránṣẹ́. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú àtòjọ kan. Fóònù tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ á wo àtòjọ náà láti sọ lẹ́tà di nọ́ńbà, èyí tó gbà á á sì tún wo àtòjọ láti sọ nọ́ńbà di lẹ́tà padà. Bí àwọn méjèèjì bá ń wo àtòjọ kan náà, ọ̀rọ̀ á jáde bó ṣe yẹ. Bí ọ̀kan bá wo òmíràn, tàbí tí kò wo èyíkéyìí, ìdàrúdàpọ̀ dé nìyẹn.

Àtòjọ méjì ni fóònù ń lò fún àtẹ̀jíṣẹ́ lásán. Ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti ṣe ti àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n ń ṣètò fóònù alágbèéká tuntun ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ ní láti pinnu bí iṣẹ́ kan ṣe máa gùn tó. Ní ọdún 1985, ọ̀kan nínú wọn, Friedhelm Hillebrand, ará Jámánì, jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nílé rẹ̀ nílùú Bonn, ó ń tẹ gbólóhùn àti ìbéèrè lóríṣiríṣi, ó sì ń ka lẹ́tà àti àlàfo inú wọn. Ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn kò tó 160. Bí 160 ṣe di òdiwọ̀n nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1992 ni wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìkíni ọdún Kérésì sì ni.

Ẹ fojú wo àtẹ̀jíṣẹ́ kan bí àpò tó ní àyè 1,120 nínú. Nínú àtòjọ Yúróòpù yìí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gba àyè méje. Ẹ fi méje pín 1,120, ẹ ó rí 160. Ṣùgbọ́n àyè méje kéré. Kò lè gbà ju àmì 128 lọ, àwọn tó sì ṣe é kó ohun tí àwọn ará ilé wọn nílò sínú rẹ̀: lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, àwọn lẹ́tà kan tí àwọn ará Swídìn àti Jámánì ń lò, lẹ́tà ńlá àwọn Gíríìkì kan, àmì pọ́n-ùn, àmì dọ́là, àmì yẹ́ẹ̀nì. Kò sí ɔ níbẹ̀. Kò sí ɛ. Kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ. Kò sí àmì náírà, kò sì sí àmì sídì. Èmi kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ní wa sínú. Ó jọ pé a kò sí lọ́kàn wọn rárá ni.

Àtòjọ kejì ló gba gbogbo ayé mọ́ra. Yúníkóòdù ni wọ́n ń pè é. Lẹ́tà Yorùbá, ti Twi, ti Lárúbáwá àti ti Ṣáínà ló wà nínú rẹ̀, àmì sídì náà sì wọlé ní ọdún 2005. Ṣùgbọ́n nínú àtẹ̀jíṣẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láti inú àtòjọ yìí ń gba àyè mẹ́rìndínlógún. Àpò kò tóbi sí i. Ẹ fi mẹ́rìndínlógún pín 1,120, ohun tó kù jẹ́ 70 péré.

Fóònù kì í da àtòjọ méjèèjì pọ̀ nínú iṣẹ́ kan. Tí gbogbo lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ bá wà nínú àtòjọ kékeré, ibẹ̀ ló máa lò. Tí ọ̀kan ṣoṣo bá wà tí kò sí níbẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ náà á kó lọ sínú àtòjọ ńlá, títí kan àwọn lẹ́tà tí kò nílò rẹ̀. Ìyá aláṣọ tẹ “Bo”, ó ṣì wà nínú àtòjọ kékeré. Bó ṣe tẹ ɔ báyìí, gbogbo rẹ̀ ṣí lọ sí èkejì. Lórí fóònù tó ń fi iye lẹ́tà tó kù hàn, ẹ lè rí i lójú ẹsẹ̀: ó wà ní 158 lẹ́yìn “Bo”, lẹ́tà kan péré ló wọlé, ó sì já wálẹ̀ sí 67.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ wá wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó gbà á. Fóònù tó dára á mọ̀ pé àtòjọ ńlá ni, á sì sọ nọ́ńbà di lẹ́tà padà. Ṣùgbọ́n módẹ́mù àti àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń bá a ṣiṣẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ yìí tán. Wọn á kó nọ́ńbà náà síta ní tútù, bí ẹni gbé iṣu tí a kò sè fún àlejò. Ohun tí aránṣọ rí nìyẹn. Kò sí lẹ́tà kan tó sọnù nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sè é. Ẹ pín ìlà gbọọrọ yẹn sí mẹ́rin mẹ́rin láti iwájú:

```
0042 006F 0254 0020 0079 025B 0020
0047 0048 20B5 0032 0035 0030
```

Ìdì mẹ́tàlá ni, iye lẹ́tà àti àlàfo tó wà nínú “Boɔ yɛ GH₵250” náà sì nìyẹn. Lẹ́tà A sí F tó há sáàárín wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà ní òǹkà kan tó ń lo A fún mẹ́wàá, B fún mọ́kànlá, títí dé F tó jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. 0042 ni B ńlá, 006F ni o kékeré, 0254 ni ɔ, 0020 sì ni àlàfo láàárín ọ̀rọ̀. 20B5 ni àmì sídì. Ẹ kò nílò láti há gbogbo rẹ̀ sórí. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń kọ iye owó: nọ́ńbà 0 sí 9 máa ń jáde bíi 0030 sí 0039. Ẹ yọ 003 iwájú kúrò, èyí tó kù ni nọ́ńbà gan-an. 0032, 0035, 0030: méjì, márùn-ún, òfo. Sídì 250. Ọkùnrin náà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ka iye owó aṣọ láìpe ẹnikẹ́ni.

Irú ìlà báyìí sì ní àmì tí a fi ń dá a mọ̀. Nọ́ńbà àti lẹ́tà A sí F nìkan ló ń wà nínú rẹ̀. Iye wọn máa ń ṣe é fi mẹ́rin pín láìṣẹ́kù. Tiwa yìí jẹ́ 52. Òfo méjì-méjì á sì máa yọjú léraléra, nítorí pé òfo méjì ló ń ṣáájú nọ́ńbà lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe nọ́ńbà káàdì fóònù, torí pé òǹkà lásán ló ń wà nínú ìyẹn. Kò sọ pé kí ẹ tẹ ohunkóhun, kò béèrè nọ́ńbà àṣírí yín, kò ní kí ẹ dá owó padà fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ àwọn jìbìtì máa ń yé ni yékéyéké, nítorí wọ́n fẹ́ kí ẹ ṣe ohun tí wọ́n sọ. Bí ìlà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú * tó sì parí pẹ̀lú #, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Àṣẹ sí ilé iṣẹ́ fóònù ni, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ nítorí pé ẹnì kan fi í ránṣẹ́.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní àárín fóònù sí fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè dé báyìí:

```
Bo? y? GH?250
```

Èyí burú ju ti módẹ́mù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jọ ohun tó ṣeé kà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé fóònù tó fi í ránṣẹ́, tàbí ẹ̀rọ kan lójú ọ̀nà, fi agbára mú ọ̀rọ̀ náà padà sínú àtòjọ kékeré. Lẹ́tà tí kò bá sí níbẹ̀, ó ju ìyẹn nù, ó fi àmì ìbéèrè dí àyè rẹ̀. Ohun tó sọnù kò ṣeé rí padà lọ́dọ̀ ẹni tó gbà á. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ àpótí kékeré, □, tí ẹ máa ń rí nígbà mìíràn. Lẹ́tà tó di àpótí dé láìní àbùkù. Fóònù yín ni kò ní àwòrán rẹ̀. Ẹ fi í ṣọwọ́ sí fóònù mìíràn, ó lè jáde dáadáa níbẹ̀.

Níbi tí kọ̀ǹpútà bá ti dá sí i, bíi ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù kan bá ń fi ètò kọ̀ǹpútà kọ̀wé sí ọ̀pọ̀ oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ tún lè rí ọ̀kan báyìí:

```
BoÉ” yÉ› GHâ‚µ250
```

Ìyẹn fi hàn pé wọ́n fi àtòjọ kan kọ ọ́, wọ́n fi òmíràn kà á. Lẹ́tà kan di méjì tàbí mẹ́ta. Kò sọnù; ẹni tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà lè dá a padà, ó sì tọ́ kí ẹni tó ni ètò náà tún un ṣe, torí gbogbo oníbàárà ló ń rí irú rẹ̀.

Àmì ìbéèrè ni mo fẹ́ ká dúró lé díẹ̀ sí i, nítorí òun ló ń jẹ owó. “GH?250” ṣì lè yé ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdáhùn tí aránṣọ lè kọ padà: “Mɛtua”. Ní èdè Twi, “mɛtua” ni “màá san án”. “Matua” ni “mo ti san án”. Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ló wà láàárín ìlérí àti owó. Bí fóònù bá sọ ɛ di àmì ìbéèrè, “M?tua” ló máa dé ọwọ́ ìyá aláṣọ. Bó bá kà á sí “mo ti san án”, á di aṣọ, á gbé e fún ọlọ́kadà, á sì máa retí owó tí kò sí lójú ọ̀nà. Bó bá kà á sí “màá san án” nígbà tí ọkùnrin náà ti sanwó, á máa dá a lóró lórí gbèsè tí kò jẹ. Nínú méjèèjì, kò sẹ́ni tó purọ́.

Owó mìíràn tún wà tó ń sọnù láìjẹ́ pé oníṣòwò fura. Ká ní ìyá náà kọ ìkéde lẹ́tà 150 sí ogójì oníbàárà pé aṣọ tuntun ti dé. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà nínú àtòjọ kékeré, àpò kan ló gbà á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ogójì àtẹ̀jíṣẹ́. Ó wá fi àmì ₵ kan sí i. Ó ti kọjá 70, nítorí náà fóònù á gé e sí wẹ́wẹ́, á sì tún gba àyè díẹ̀ nínú àpò kọ̀ọ̀kan láti kọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Lẹ́tà 67 ló kù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà 150 di àpò mẹ́ta, ogójì sì di ọgọ́fà. Àmì kan ṣoṣo ló sọ owó náà di ìlọ́po mẹ́ta. Bí apá kejì bá sì pẹ́ lójú ọ̀nà, oníbàárà lè rí ìkíni àti ìdágbére kó má rí iye owó.

Kí ni ìyá aláṣọ lè ṣe? Fún owó, kó kọ GHS 250 dípò GH₵250. Lẹ́tà mẹ́ta yẹn ni àwọn báńkì gbogbo ayé fi ń pe owó Gánà, wọ́n sì wà nínú àtòjọ kékeré láìsí wàhálà. Lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà, NGN tàbí N lásán á ṣe iṣẹ́ kan náà. Àwọn tó ń fi ¢, ìyẹn àmì sẹ́ǹtì àwọn Amẹ́ríkà, dípò àmì sídì kò tíì bọ́, torí pé òun náà kò sí nínú àtòjọ yẹn. Tí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ bóyá a ti sanwó tàbí a kò tíì san, kó kọ ọ́ pẹ̀lú ọjọ́ àti iye, tàbí kó pe ẹni náà. Kó sì sọ fún oníbàárà pé kó tún iye owó tó rí kọ padà sí òun kí aṣọ tó kúrò nílẹ̀.

Àwọn fóònù kan ní ibi tí a ti lè yan àtòjọ. Lórí ọ̀pọ̀ Samsung, ẹ ó rí Input mode nínú ètò àtẹ̀jíṣẹ́, pẹ̀lú GSM alphabet, Unicode àti Automatic lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá yan GSM alphabet kò ní san owó àpò mẹ́ta, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ɛ rẹ̀ lè di àmì ìbéèrè. Automatic ló dára fún ẹni tó fẹ́ kọ èdè rẹ̀ bó ṣe yẹ. WhatsApp kò ní ìṣòro yìí, nítorí pé íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń gbà kọjá, kò sì lo àpò kékeré yẹn; àmọ́ ó di dandan kí dátà wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ní ti àwa tó ń kọ Yorùbá, ohun kan wà nínú àtòjọ Yúróòpù yẹn tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Nítorí àwọn ará Faransé àti Ítálì, wọ́n fi à, è, ì, ò àti ù sí i, èyí tó jẹ́ pé gbogbo fáwẹ̀lì olóhùn ìsàlẹ̀ wa tí kò ní àmì lábẹ́ ló bá wọn wọlé láìsanwó. Nínú ti olóhùn òkè, é nìkan ló rí àyè. Á, í, ó àti ú wà níta. Nítorí náà “Bàbá” lè jáde bíi “Bàb?”. Ọ̀rọ̀ “ọkọ̀” tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ̀ nínú Yúníkóòdù pàápàá. Ọ ni fóònù ń kọ, kó tó wá fi àmì ohùn lé e lórí lọ́tọ̀, kí lẹ́tà kan tó di méjì. Bó bá bàjẹ́, “?k??” ni, bákan náà ni “ọkọ́” tí a fi ń roko.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣètò fóònù fi àtòjọ àfikún sílẹ̀ fún èdè Túrkì, Sípáníìṣì, Potogí àti àwọn èdè Íńdíà bíi mẹ́wàá, kí àwọn tó ń sọ wọ́n lè kọ lẹ́tà wọn láìsí pé àpò wọn dín sí 70. Kò sí ọ̀kan fún Yorùbá, kò sì sí fún Twi.